Ọ̀sẹ̀ mélòó ṣáájú ló yẹ kí a ra tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó fún ọdún Kérésì?

Bàbá Ìbarà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ọmọ mi obìnrin, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn mẹ́ta tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ wá bá wa ṣe ọdún Kérésì nílé ní Ìbarà. Ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ni wọ́n fẹ́ gbéra, wọ́n sì gbọ́dọ̀ padà kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kínní. Èmi ni mo fẹ́ san owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Ọjọ́ 16 oṣù Keje la wà yìí, ó ku ọ̀sẹ̀ 22 gbáko. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìrìn-àjò ni owó tíkẹ́ẹ̀tì máa ń wálẹ̀ jù. Ṣé kí n dúró ni, àbí kí n rà á báyìí? Àbíkẹ́yìn wọn yóò pé ọmọ ọdún 2 ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, bí ìyẹn bá kan ọ̀rọ̀ náà.

Ọmọ Láfẹ́ńwá

Bàbá, ẹ kú ètò ọdún o. Òótọ́ ni ẹni yẹn bá yín sọ. Nínú gbogbo ìgbà tí mo ti ń bá àwọn ará ilé wa wá tíkẹ́ẹ̀tì, àárín ọ̀sẹ̀ 6 sí ọ̀sẹ̀ 8 ni mo ti máa ń rí owó tó tẹ́ni lọ́rùn. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú bá kọ́kọ́ ṣí ọjọ́ kan sílẹ̀ fún títà, ní nǹkan bí oṣù 11 ṣáájú, owó gọbọi ni wọ́n sábà máa ń fi lé e, wọn a sì wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá rí i pé àwọn èèyàn ò rà á. Nítorí náà, ẹni tó bá sáré ra tirẹ̀ kò jèrè ohunkóhun.

Adéṣínà Òkè-Ìlẹ̀wọ́

Bàbá, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì títà ni mo ń ṣe ní Òkè-Ìlẹ̀wọ́, ẹ ó sì dárí jì mí bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn.

Ohun tí arákùnrin Láfẹ́ńwá sọ lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń rìn ní oṣù Kejì tàbí ní oṣù Kẹwàá. Ìrìn-àjò tiyín yàtọ̀ pátápátá, nítorí ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń tọ̀ ni àwọn ọmọ yín fẹ́ tọ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí gbogbo èèyàn fẹ́ tọ̀ ọ́. Láti bí ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó ni ọkọ̀ máa ń kún. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kínní, Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ni yóò kún. Ilé-ẹ̀kọ́ ló fa èyí. Ìwọ̀nba ọjọ́ kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń pa, tí wọ́n sì máa ń wọlé, kò sì sí òbí tó lè sún un.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ta ìjókòó. Nínú ọkọ̀ òfurufú kan náà, ní ẹ̀yìn níbi tí àwa mẹ̀kúnnù máa ń jókòó sí, ìpele owó tó wà níbẹ̀ lè tó mẹ́wàá, lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì kan ni wọ́n sì fi ń dá ìpele kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ìjókòó kan kò sàn ju èkejì lọ. Owó àti òfin tó de tíkẹ́ẹ̀tì ló yàtọ̀. Bí iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìpele ìsàlẹ̀ bá tán, ìpele tó wà lókè rẹ̀ ni yóò yọ sí ẹni tó bá wá lẹ́yìn. Nítorí ẹ̀rọ wọn ti mọ̀ láti àwọn ọdún tó kọjá pé ọkọ̀ Èkó yóò kún ní ọ̀sẹ̀ Kérésì bópẹ́ bóyá, ìjókòó díẹ̀ ni wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀ fún ìpele ìsàlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Ẹni tó bá dúró de ọ̀sẹ̀ 6, ìparí oṣù Kẹwàá àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ló ń wí yẹn, ìgbà yẹn gan-an sì ni àwọn tó gba owó oṣù, tí wọ́n sì gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, máa ń tú jáde láti ra tiwọn.

Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ ló ń gbé owó sókè. Ìjókòó tó ń tán ni. A kàn ń fi ọ̀sẹ̀ díwọ̀n rẹ̀ ni. Fún ọjọ́ tí ẹ mú yìí, ìdájọ́ tèmi ni pé kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti bí ọ̀sẹ̀ 28, kí ó má sì jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ 16 bá òun lọ́wọ́ òfo. Ìparí oṣù Kẹjọ nìyẹn. Ẹ wà láàárín àkókò tó dára báyìí, ẹ má jẹ́ kí ó bọ́.

Ọ̀nà méjì wà tí ẹ lè fi mọ bóyá ìpele ìsàlẹ̀ ṣì wà. Àkọ́kọ́, kí ọmọ yín wo ọjọ́ tó yí ọjọ́ 17 ká: bí owó ọjọ́ 15, 16 àti 18 bá dọ́gba pẹ̀lú ti ọjọ́ 17, ó ṣeé ṣe kí ìpele ìsàlẹ̀ má tíì tán, bí ọjọ́ 17 nìkan bá ga, ó ti ń tán lọ. Èkejì, kí ó wo owó náà fún ènìyàn kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà fún méjì, fún mẹ́ta, títí dé márùn-ún. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ, nítorí bí ẹ bá béèrè ìjókòó márùn-ún, tí mẹ́ta péré sì kù ní ìpele ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ kò ní fún yín ní mẹ́ta yẹn ní owó pọ́ọ́kú. Yóò gbé gbogbo yín lọ sí ìpele tí márùn-ún ti wà.

Ìyá Aládìírẹ Ìtókù

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìbẹ̀rù ra ọjà. Ní ọdún tó kọjá, mo kó àdìrẹ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní àárín oṣù Kejìlá kan náà yìí, ọ̀sẹ̀ 5 péré ni mo fi ṣáájú ra tíkẹ́ẹ̀tì mi, owó rẹ̀ sì kéré sí ti oṣù Kẹjọ tí mo rìn ṣáájú. Mo padà wálé ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kínní, ọkọ̀ náà kò sì kún tó ìdajì. Bí Kérésì bá ń wọ́n tó bí ẹ ṣe ń wí, ó yẹ kó wọ́n fún èmi náà.

Adéṣínà Òkè-Ìlẹ̀wọ́

Ẹ kú ọjà o, Mà. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ, ó sì tún ọ̀rọ̀ Bàbá ṣàlàyé. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ní àárín oṣù Kejìlá, ẹ̀yìn àwọn èrò ni ẹ ń gbà kọjá. Ọkọ̀ tó kó èrò wá gbọ́dọ̀ padà lọ kó òmíràn, yálà ó rí èrò tàbí kò rí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta ìpele ìsàlẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí ọjọ́ ìrìn-àjò. Oṣù Kẹjọ tí ẹ rìn ṣáájú jẹ́ ìgbà ọlidé fún ilé-ẹ̀kọ́, ìyẹn ló fi wọ́n yín. Fún irú ìrìn-àjò yín, ọ̀sẹ̀ 5 sí 8 tó. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ padà sílé ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá kí ẹ lè bá ọjà ọdún ní Ìtókù, ẹ ó bọ́ sí àárín àwọn tí Bàbá fẹ́ bá dù ú, ọ̀sẹ̀ 5 kò sì ní gbà yín.

Bàbá Ìbarà

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ó ti wá yé mi ìdí tí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn fi ń takora. Ohun méjì ló kù tí mo fẹ́ mọ̀. Ṣé kí n san án ní náírà níbí, àbí kí n fi owó ránṣẹ́ kí ọmọ mi rà á lọ́hùn-ún? Ẹ kò sì tíì sọ nípa ọmọ kékeré náà.

Adéṣínà Òkè-Ìlẹ̀wọ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọmọ náà ṣáájú, nítorí òun ló ń pinnu iye ìjókòó tí ẹ ń wá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 lè jókòó lórí itan ìyá rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì máa ń gbà lórí rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àgbàlagbà lọ, pẹ̀lú owó orí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti pé ọdún 2, ó gbọ́dọ̀ ní ìjókòó tirẹ̀. Ọjọ́ 28 ni tiyín pé, ó sì ń padà ní oṣù Kínní. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ orí itan ni nígbà tó ń bọ̀, ọmọ tó ní ìjókòó ni nígbà tó ń lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan yóò gba owó ọmọdé fún ìpadàbọ̀ nìkan. Àwọn mìíràn yóò gbà á fún àlọ àti àbọ̀. Kí ọmọ yín béèrè kí ó tó san kọ́bọ̀, kí ó sì fi ọjọ́ ìbí tòótọ́ sí i. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ orí itan fún àlọ àti àbọ̀, ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ní oṣù Kínní ni wọn yóò ti mọ̀, ìjókòó tí wọ́n bá rí rà níbẹ̀, bó bá tilẹ̀ ṣẹ́kù, ìpele òkè pátápátá ni yóò jẹ́.

Ní ti owó, ìrìn-àjò tó bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń kọ owó rẹ̀. Bí ẹ bá san án níbí, wọn yóò ṣírò rẹ̀ sí náírà ní iye pàṣípààrọ̀ ọjọ́ náà, ẹni tó ń tà á fún yín yóò sì fi owó iṣẹ́ tirẹ̀ kún un. Mo ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ mo sọ ọ́ fún yín pé fún irú èyí, ó dára kí ọmọ yín fi káàdì rẹ̀ rà á tààrà lórí ojú-òpó ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ sì san tirẹ̀ padà. Ẹ tún rántí pé iye náírà lè yí padà nígbà tí owó tíkẹ́ẹ̀tì kò yí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba tú iye náírà sílẹ̀, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi náírà 470, ó kọjá 600 láàárín ọjọ́ kan, owó tíkẹ́ẹ̀tì ní náírà sì gbéra pẹ̀lú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìjókòó kankan tó tán. Ẹni tó ń fi náírà dúró de ọ̀sẹ̀ 6, ohun méjì ló ń retí lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní agbára lórí ìkankan nínú wọn.

Bí ẹ bá tilẹ̀ rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbí, ẹ má gba «mo ti bá yín gbà á sílẹ̀» gẹ́gẹ́ bí rírà. Àmì onílẹ́tà àti nọ́ńbà 6 tí wọ́n ń fún èèyàn kò ju pé wọ́n fi orúkọ sí ìjókòó lọ, ó sì ní wákàtí tí yóò bọ́ fúnra rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì gan-an ní nọ́ńbà 13, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀.

Nọ́ọ̀sì Asẹ̀rò

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà fẹ́ rìn ní oṣù Kejìlá, láti ibí lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n mi ò tíì ní físà. Ṣé kí èmi náà ra tèmi ní ọ̀sẹ̀ 22 báyìí?

Adéṣínà Òkè-Ìlẹ̀wọ́

Rárá o, Nọ́ọ̀sì. Físà ìbẹ̀wò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù 3 ṣáájú ìrìn-àjò ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gba ìwé èèyàn, ọ̀sẹ̀ 3 sì ni wọ́n sọ pé ó sábà máa ń gbà lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ ìka. Àwọn fúnra wọn kìlọ̀ pé kí èèyàn má ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ìpinnu tó jáde. Bí ẹ bá fi ìwé sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án fún ìrìn-àjò ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, ẹ ó ṣì ní ọ̀sẹ̀ 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nílẹ̀, ẹ̀yìn àwọn èrò ni ẹ̀yin náà sì ń gbà bíi ti Mà Ìtókù. Kò yẹ kí ẹ bẹ̀rù.

Olùkọ́ Kútọ̀

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìjókòó márùn-ún yẹn, nítorí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa ń lọ. Wọn yóò ní kí Bàbá pín ẹbí náà sí méjì, kí wọ́n ra mẹ́ta ní ìpele ìsàlẹ̀, kí wọ́n ra ìyókù lọ́tọ̀. Àbúrò mi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fagi lé ọkọ̀ wọn ní oṣù Kínní, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà gbé ìyá àti ọmọ kan lọ sí ọjọ́ kejì, ó gbé bàbá àti àwọn ọmọ yòókù sí ọjọ́ kẹrin, nítorí kò mọ̀ pé ẹbí kan ni wọ́n. Oṣù Kínní ni ọyẹ́ máa ń bo ojú ọ̀run, tí ọkọ̀ sì máa ń pẹ́ tàbí kí wọ́n fagi lé e. Ẹbí tó ní ọmọ ọdún 2 kò gbọ́dọ̀ fi irú ìyẹn ṣeré.

Ọmọ Láfẹ́ńwá

Mo gba ti ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń tọ̀, mi ò sì tíì ronú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Síbẹ̀ mi ò gbà pé dídúró kò ní èrè rárá. Nígbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù rẹ owó wọn sílẹ̀, àwọn tó ti sáré ra tiwọn ló pàdánù. Ẹ̀dínwó ńlá inú oṣù Kọkànlá náà ṣì ń bọ̀.

Adéṣínà Òkè-Ìlẹ̀wọ́

Ìdíje ń já owó bọ́, òtítọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò sì lè búra pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ kí ọdún tó parí. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe lè fi ọ̀sẹ̀ ka ohun tí kò tíì ní ọjọ́ ni. Ní ti ẹ̀dínwó oṣù Kọkànlá, ẹ ka àwọn ọjọ́ tí wọ́n yọ sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìpolówó náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà fún ìrìn-àjò láti àárín oṣù Kínní sí oṣù Kẹta, nígbà tí ọkọ̀ ń ṣófo.

Ohun tí Olùkọ́ sọ nípa pípín wúwo, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Èèyàn lè pe ilé-iṣẹ́ náà kí wọ́n so ìwé méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ lásán ni, ẹ̀rọ tó ń tún ètò ṣe lè má kà á sí. Ó kù sí bí owó tí wọ́n máa rí nínú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó.

Bàbá Ìbarà

Ọmọ mi wò ó lálẹ́ àná bí ẹ ṣe ní kí ó wò ó. Ilé-iṣẹ́ tó yàn sọ fún un pé ọmọ kékeré náà gbọ́dọ̀ ní ìjókòó ní àlọ àti àbọ̀, nítorí náà ìjókòó márùn-ún la ń wá. Fún ènìyàn kan, pọ́n-ùn 780. Fún méjì àti mẹ́ta, 780 náà ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fún mẹ́rin, ó fò sí 960, márùn-ún sì jẹ́ 960. A kò tíì yọ ẹ̀dínwó àwọn ọmọ nínú rẹ̀. Ọjọ́ 15 àti ọjọ́ 16 ṣì jẹ́ 780 fún márààrún, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì pa.

Adéṣínà Òkè-Ìlẹ̀wọ́

Bàbá, ìdáhùn ti yọ níbẹ̀. Ìjókòó mẹ́ta péré ló kù ní ìpele 780 ní ọjọ́ 17, ọ̀sẹ̀ 22 sì ṣì kù. Bí ẹ bá rà á pọ̀, pọ́n-ùn 4,800 ni. Bí ẹ bá ra mẹ́ta ní 780 àti méjì ní 960, pọ́n-ùn 4,260 ni. Pọ́n-ùn 540 ló wà láàárín wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dínwó àwọn ọmọ yóò dín in kù díẹ̀. Bí ẹ bá pín in, kí àgbàlagbà kan wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ tó kéré jù wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

Kí ẹ tó pín in, kí ọmọ yín dán ìpadàbọ̀ wò ná. Lọ́pọ̀ ìgbà, àlọ ní ìpele tirẹ̀, àbọ̀ sì ní tirẹ̀, 180 tó lé yẹn sì lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àbọ̀ ló ti wá. Ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìwọlé ilé-ẹ̀kọ́ ni ó máa ń wọ́n jù nínú gbogbo oṣù Kínní. Bí wọ́n bá fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú Àìkú yẹn padà, owó márààrún lè wálẹ̀ láìpín ẹnikẹ́ni. Kí ó sì wo wákàtí tí ọkọ̀ máa dé Ìkẹjà. Èyí tó bá dé lálẹ́ lè fi pọ́n-ùn díẹ̀ dínwó, ẹ ó sì fi owó náà san hòtẹ́ẹ̀lì fún èèyàn márùn-ún, nítorí mi ò ní gbà yín níyànjú láti gba ọ̀nà Sàńgó-Ọ̀tà wálé lóru pẹ̀lú àwọn ọmọ àti ẹrù.

Olùkọ́ Kútọ̀

Èmi yóò san 540 yẹn kí wọ́n lè wà nínú ìwé kan.

Ìyá Aládìírẹ Ìtókù

Èmi kò ní san án. Pọ́n-ùn 540 ju ìdajì owó ìjókòó kan lọ. Ṣùgbọ́n mo ti gbà pé kí wọ́n má dúró de ọ̀sẹ̀ 6.

Bàbá Ìbarà

Ó gbìyànjú ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ fún ìpadàbọ̀. Owó márààrún wá sí pọ́n-ùn 830 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ìwé kan ṣoṣo, ìyẹn 4,150. Lálẹ́ yìí ni yóò san án. Ìbéèrè mi tó gbẹ̀yìn ni pé tíkẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè yí ọjọ́ rẹ̀ padà fi pọ́n-ùn 90 ju èyí lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣé kí a gbà á?

Adéṣínà Òkè-Ìlẹ̀wọ́

Ìyẹn jẹ́ 450 fún gbogbo wọn. Ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kò ní yí, nítorí náà mi ò rí ohun tí ẹ máa fi ṣe àfi bí ìsinmi ẹnu iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ kò bá tíì dájú. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀tọ́ láti yí ọjọ́ kò mú ìyàtọ̀ owó kúrò: bí wọ́n bá yí i ní oṣù Kọkànlá, ìpele tó bá kù nígbà náà ni wọn yóò san àfikún rẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti gba ìwé ìsinmi, ẹ ra èyí tó dínwó. Kí ó wo pásípọ́ọ̀tù márààrún lálẹ́ yìí kan náà kí ó tó tẹ orúkọ, kí ó lo orúkọ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú ìwé gan-an, kí ó sì rí nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún kí ó tó pa ẹ̀rọ rẹ̀.